Ẹ yé gbé rẹ́pílíkà sórí ẹ̀rọ kan náà

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Akáńtáǹtì wa ka lẹ́tà tí mo fi bẹ máníjà fún sáfà kejì tí màá gbé rẹ́pílíkà sí, ìyẹn àwòkọ dátábéèsì tó ń gba gbogbo àyípadà bó ṣe ń wọlé, ó ní kí ni mo fẹ́ fi sáfà kejì ṣe, ṣebí bákọ́ọ̀pù ń lọ lálaalẹ́? Ó ní bó bá jẹ́ dandan, kí n gbé rẹ́pílíkà sórí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, àyè ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta yìí ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kọ́pùrétífù ni wá, àwọn aládìrẹ Ìtòkú ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dáwó. Aago 12 òru ni `pg_dump` tó ń ṣe bákọ́ọ̀pù dátábéèsì PostgreSQL wa ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá bá nínú dátábéèsì lásìkò yẹn nìkan ló ń kó. Tí dísìkì bá bàjẹ́ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, gbogbo owó tí wọ́n san láti àárọ̀ ti wọmi. Rìsíìtì ọwọ́ wọn nìkan ló kù, ta ló fẹ́ jókòó tún un tẹ̀? Rẹ́pílíkà orí ẹ̀rọ kan náà kò sì gbà wá, dísìkì kan náà, iná kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò.

Ti irinṣẹ́ amójútó ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n ní bí rẹ́pílíkà bá dáṣẹ́ sílẹ̀, a óò kúkú mọ̀. Irọ́ ni! Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, rẹ́pílíkà já, kò sẹ́ni tó fura, torí sáfà àgbà ń dáhùn geere. Àmọ́ sílọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣí fún un, tí sáfà àgbà fi ń rántí ibi tí rẹ́pílíkà bá iṣẹ́ dé, ṣì wà, PostgreSQL sì ń to àkọsílẹ̀ àyípadà jọ dè é nínú `pg_wal`, títí dísìkì fi kún tí sáfà àgbà fúnra rẹ̀ fi kú. Èyí ni ì bá ti fi í hàn wọ́n:

```
SELECT slot_name, active
FROM pg_replication_slots;
```

Bó bá kọ `f` sábẹ́ `active`, rẹ́pílíkà ti já nìyẹn. Ta ló máa jí tẹ èyí lóru Àìkú? Lóòótọ́, láti ẹ̀dà 13 PostgreSQL, ẹ lè fi `max_slot_wal_keep_size` dá ààlà fún un, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, kò ní ààlà kankan. Bó bá sì kọjá ààlà tí ẹ dá, ẹ óò tún rẹ́pílíkà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ó dáa, mo gbà: bí rẹ́pílíkà bá tiẹ̀ wà, àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè sọnù, ẹni tó bá sì ṣèèṣì pa tébù rẹ́, ó máa pa á rẹ́ lórí rẹ́pílíkà náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ká dá bákọ́ọ̀pù dúró. Ohun tí mo kọ rèé:

“Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ kan tó máa wà ní ẹ̀ka wa ní Láfẹ́nwá, àti irinṣẹ́ tó máa ta mí lólobó lórí fóònù bí rẹ́pílíkà bá fi ìṣẹ́jú 5 rẹ̀yìn, tàbí bí dísìkì sáfà àgbà bá kún dé ìdá 80 nínú 100.”