Kì í ṣe Ki ló ń mú ooru fò kọjá

“Tí ooru ààrò bá fò kọjá ibi tí ẹ ní kó dúró, Ki ló pọ̀ jù. Ẹ dín in kù, ó parí.”

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Nínú olùdarí PID, àṣìṣe e ni ooru tí a fẹ́ yọ ooru tó wà; Kp ń sọ e di púpọ̀, I ń kó e jọ bí àkókò ṣe ń lọ, Ki ló sì ń pinnu bó ṣe ń yára kó o jọ. Àpapọ̀ wọn ni àṣẹ tó ń lọ sí hítà. Ẹ kọ́kọ́ wo hítà ná: kò lè ju 100% lọ. Ká ní Kp jẹ́ 2, Ki jẹ́ 0.02, a sì fẹ́ gbé ààrò láti 30°C dé 180°C. Hítà ti kún dé góńgó láti ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ I ń ka àṣìṣe jọ lọ. Tí ìgòkè náà bá gba 300 ìṣẹ́jú-àáyá ní ìwọ̀n kan náà, I á tó 450. Ooru ti dé 180, àṣẹ ṣì ń sọ pé 450%! Kódà bí ooru bá fi 20°C kọjá, 0.4 péré ni I ń dín ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ gé Ki sí ìdá kan nínú mẹ́rin, I ṣì máa lé ní 112.

Ohun tó yẹ ni pé kí àlàfo láàárín àṣẹ (v) àti ohun tí hítà gbà (u) padà wá fa I sẹ́yìn:

```
v = Kp*e + I
u = min(max(v, 0), 100)
I += (Ki*e + (u - v)/Tt)*dt
```

dt ni àkókò láàárín ìṣirò méjì; Tt ló ń pinnu bí ìfàsẹ́yìn yẹn ṣe yára tó. Pẹ̀lú Tt = 20, àṣẹ á ti wọ abẹ́ 100 nígbà tó bá ku nǹkan bí 40°C. Tí hítà kò bá kún, u àti v dọ́gba, Ki yín kò yí padà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí Tt kéré jù: tí D, ẹ̀ka PID tó ń wo bí àṣìṣe ṣe ń yára yí padà, bá wà níbẹ̀, ariwo sẹ́ńsọ̀ lè ti v kọjá ààlà lójijì, kó sì nu I dànù láìnídìí.

Ẹ ya v àti u sórí gíráàfù kan náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan Ki.