Báńkì Ní Kò Sí Ṣájì Tuntun, Àlẹ́ẹ̀tì Sì Wọlé: Ta Ló Purọ́?

Báńkì kan kọ ọ́ sójú ewé rẹ̀ lórí ayélujára pé: "Irọ́ ni ìròyìn tó ń lọ kiri. A kò gbé ṣájì tuntun kankan lé orí àkáǹtì yín." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti gbé àwòrán àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti yọ owó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin léra wọn. Ó kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé, "Ẹ wá wo òpùrọ́." Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún gba báńkì gbọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà ni pé bí owó bá ti jáde lẹ́yìn tí báńkì sẹ́, irọ́ ni báńkì pa. Mo ti ṣe iṣẹ́ ìdáhùn yẹn rí, èmi ni mo ń jókòó sídìí ojú ewé báńkì tí mo ń fèsì, mo sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì yẹn lè jẹ́ òótọ́, kí ohun tí báńkì kọ náà sì jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan tó pè wá nírú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irú àkáǹtì tí wọ́n ń gba owó ìtọ́jú lórí rẹ̀ lóṣooṣù ló ní, 50 ni lóṣù. Ìyá yìí ti kó gbogbo owó inú rẹ̀ jáde ní oṣù Jánúárì, kò sì fi nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí Fẹ́búárì parí, ẹ̀rọ báńkì fẹ́ mú 50, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní Máàṣì, ní Épírì àti ní Méè. Ìyá kò gbọ́ àlẹ́ẹ̀tì kankan, nítorí owó kò tíì jáde. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù Júùnù, ọmọ rẹ̀ fi 3,000 ránṣẹ́ sí i. Kò pé ìṣẹ́jú mélòó kan tí fóònù rẹ̀ fi dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin: 50, 50, 50, 50. Ó ku 2,800.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìròyìn ti ń lọ lórí Wátsáàpù pé láti Júùnù lọ, owó tó bá ti wọ àkáǹtì ni báńkì yóò máa bu níbẹ̀. Ẹ ò rí i bí ó ṣe bá a mu rẹ́gírẹ́gí? Bí mo bá wà ní ipò ìyá yẹn, èmi náà yóò gbà á gbọ́.

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 50 àkọ́kọ́ sí mi létí."

Wọ́n ní, "Owó ìtọ́jú àkáǹtì, Fẹ́búárì. Fẹ́búárì kẹ̀? Ṣebí Júùnù la wà yìí!"

Mo ní kí wọ́n ka èkejì. Máàṣì ni. Ẹ̀kẹta, Épírì. Kí wọ́n tó ka ẹ̀kẹrin ni wọ́n ti dákẹ́.

Ohun tó já irọ́ náà nìyẹn. Ṣájì tí wọ́n bá ń yọ nítorí pé owó wọlé kò ní ohun tó fẹ́ fi orúkọ oṣù ṣe, owó tó wọlé lọ́jọ́ náà ni ì bá tọ́ka sí. Lọ́jọ́ kejì, 500 mìíràn tún wọlé fún ìyá, kò sì sí nǹkan kan tó jáde. Bó bá jẹ́ owó tó ń wọlé ni wọ́n ń bù lóòótọ́, 500 yẹn kò ní wà lódindi. Àlẹ́ẹ̀tì kì í sábà sọ tó báyìí, nítorí náà sitétímẹ́ǹtì ni kí ẹ lọ wò. Kì í ṣe gbogbo báńkì ló ń tọ́jú gbèsè ṣájì báyìí, àwọn kan máa ń fo oṣù tí àkáǹtì bá ṣófo. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ tí owó bá wọlé ni yóò jáde.

Ẹ óò béèrè pé kí ló dé tí báńkì kò kúkú ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àwòrán tí ẹni náà gbé síta. Kò lè ṣe é ni. Ọ̀rọ̀ àkáǹtì oníbàárà jẹ́ àṣírí, kódà bí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá ti tú u síta, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ tún un sọ ní gbangba pé gbèsè oṣù mẹ́rin lẹ jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìdáhùn kan náà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ogún ènìyàn, tí ẹ sì ń rò pé wọ́n ń sá fún ìbéèrè. Ó máa ń dùn mí nígbà náà, torí mo ti rí ìdáhùn náà níwájú mi, àmọ́ n kò lè kọ ọ́.

Ẹ fara balẹ̀ ka ìdáhùn náà fúnra rẹ̀. "Tuntun" tí wọ́n kọ níbẹ̀ kò sọ pé wọn kò ní yọ ṣájì àtijọ́. "A kò gbé" kò kan owó orí tí ìjọba ní kí báńkì máa bá òun gbà, torí pé owó yẹn kì í ṣe ti báńkì. Ibi tí èmi náà ti máa ń bá báńkì jà ni ti ṣájì àtijọ́ tí iye rẹ̀ lọ sókè. Bí 50 bá di 70, ẹni tó kọ "kò sí ṣájì tuntun" kò purọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe dáadáa sí oníbàárà. Ìwé iye ṣájì báńkì ni kí ẹ bá lọ, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ fi ti tuntun wé ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ìròyìn mìíràn jẹ́ òótọ́ tó ti di àná. Ní òpin oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2011, Bank of America kéde pé àwọn yóò máa gba dọ́là 5 lóṣù lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi káàdì báńkì rajà. Inú bí àwọn oníbàárà gan-an, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní Nòfẹ́ńbà ọdún kan náà, wọ́n fagi lé e kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí àwòrán ìkéde yẹn láìrí ọjọ́ rẹ̀ yóò bú báńkì nítorí owó tí kò gbà rí.

Ohun kan wà tó burú ju 50 lọ. Bí ẹ bá ti gbé àwòrán àlẹ́ẹ̀tì yín sábẹ́ ìdáhùn báńkì, ojú ewé mìíràn tó ní àmì báńkì kan náà lè fèsì kíákíá pé kí ẹ tẹ ibì kan kí wọ́n lè dá owó yín padà. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ lẹ́tà lẹ́tà, ẹ wo ìgbà tí wọ́n ṣí i. Ojú ewé gidi lè ní kí ẹ kọ̀wé sí òun ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í béèrè píìnì, kì í sì í béèrè nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù yín.

Ní ti ìyá yẹn, 200 wọn kò padà, nítorí gbèsè ni lóòótọ́. A bá wọn yí àkáǹtì náà sí irú èyí tí kò ní owó ìtọ́jú oṣooṣù, wọ́n sì ní kí n dúró lórí fóònù títí wọn yóò fi rí i pé ó ti yí.