Tẹ̀sùbáà tó ń dán kì í ṣe ẹ̀rí pé olówó ẹ̀ ń gbàdúrà gan-an

Èrò ọkàn mi rèé o. Tẹ́ ẹ bá ń kọ pépà lórí àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀sìn, tẹ́ ẹ wá ya fọ́tò tẹ̀sùbáà, tẹ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "àmì ìgbàgbọ́," ẹ ò tíì lo ẹ̀rí kankan. Ẹni tí ò fojú kan tẹ̀sùbáà yẹn rí náà lè kọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò. Ká ní onígi ni, ọmọ ẹ̀ 99, nǹkan kékeré méjì pín in sọ́nà mẹ́ta, 33 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí Sùbùhánálláhì, Àlùhámúdùlílláhì àti Àlláhù Àkúbárù. Ẹ wá rí i pé 33 àkọ́kọ́ ń dán ju àwọn tó kù lọ. Ohun tó máa sọ sí yín lọ́kàn ni pé olówó ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ àmọ́ kì í sábà parí ẹ̀. Ẹ ní sùúrù ná. Ẹ wo etí ihò ọmọ kọ̀ọ̀kan dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ha ara wọn tí wọ́n bá ń rìn lórí òwú. Tí etí ihò àwọn tó ń dán bá ṣì mú ṣáṣá, tí tàwọn tó kù ti jẹ, a jẹ́ pé tuntun ni wọ́n, wọ́n fi rọ́pò èyí tó sọnù ni, kò sí ọ̀rọ̀ àdúrà níbẹ̀ rárá. Tí gbogbo ihò bá jẹ bákan náà tó jẹ́ pé ara nìkan ló yàtọ̀, ìgbà yẹn lẹ lè máa ronú nípa ọwọ́.

Òwú náà ńkọ́? Èyí ló ń dùn mí jù, àwọn èèyàn kì í wò ó. Tí òwú bá tuntun ju ọmọ lọ, wọ́n ti tún un sín nìyẹn, ọmọ tó wà níwájú lónìí lè jẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ẹ ò sì lè fi ibi tó wà ṣe ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó tún un sín mọ́.

Kódà lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, àpò aṣọ náà máa ń mú kí igi dán, ẹlòmíì kàn ń fi ọwọ́ yí i kiri tó bá ń sọ̀rọ̀ ni, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló sì jẹ́ pé ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń kà, tẹ̀sùbáà wọn á wà láìjẹ rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olówó ẹ̀ tó bá ṣì wà láyé, ẹ ní kó kà á lójú yín, kẹ́ ẹ wo ibi tí àtàǹpàkò ẹ̀ ń kàn.

Ojúbọ náà ò yàtọ̀: tó bá ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n lè ti nu èéfín àti epo ara ẹ̀ kúrò, torí náà ìwé tí wọ́n kọ ìtọ́jú ẹ̀ sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ pé wọn kì í ta epo sí i. Aṣọ àdúrà ní tiẹ̀, ẹ yí inú ẹ̀ síta kẹ́ ẹ wo orúnkún àti ìṣẹ́tí, wọ́n lè ti fọ ìdọ̀tí kúrò lójú aṣọ àmọ́ ibi tí wọ́n tú tí wọ́n tún rán ò lè lọ.