Ẹ wo ọwọ́ tí iṣẹ́ náà wà kí ẹ tó kọ̀wé pé ẹ ń wá ẹni tí yóò máa rajà

Ẹ̀yin èèyàn mi, èrò ọkàn mi rèé lórí ọ̀rọ̀ kan tó ń ká mi lára. Bí ilé iṣẹ́ kan ní Èkó bá dá ipò tuntun sílẹ̀ fún ẹni tí yóò máa rajà fún wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n wá ìwé àlàyé iṣẹ́ báńkì tàbí ti ilé iṣẹ́ epo, kí wọ́n pa orúkọ ibẹ̀ rẹ́, kí wọ́n fi tiwọn rọ́pò. Wọn yóò wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń wá ẹni tó ní dìgírì méjì, tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méje, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n lọ. Ẹni tó bá dé kò ní mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bá níbẹ̀ náà kò ní mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé ipò náà tuntun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti ń rajà kí ipò náà tó dé. Iṣẹ́ náà fọ́n ká sọ́wọ́ ẹni púpọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́lọ́wọ́ ló yẹ kí ìwé ipò tuntun ti bẹ̀rẹ̀, kó sì sọ ohun tí ẹni tuntun kò gbọdọ̀ ṣe, bó ṣe ń sọ ohun tí yóò máa ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n mú ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Súrùlérè tí mo bá wọn dá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ kò tóbi púpọ̀. Mátírọ̀n ló ń ra ìbọ̀wọ́ àti òwú, akáúńtàǹtì ló ń ra dísẹ́ẹ̀lì, ẹni tó wà ní láàbù ló ń ra kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n sì máa ń rán dírẹ́bà lọ sí Ìdúmọ̀tà fún pépà àti àwọn nǹkan ọ́fíìsì. Kí a tó kọ ohunkóhun, a kó àwọn ìwé ìsanwó oṣù mẹ́fà tó ṣáájú jáde, a sì bi ìbéèrè mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: Ta ló sọ pé a nílò ọjà yìí? Ta ló rà á? Ta ló gbà á wọlé? Ta ló sanwó rẹ̀?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé wa. Lórí dísẹ́ẹ̀lì, orúkọ ẹnì kan náà ló ń jáde. Akáúńtàǹtì ló ń pe ẹni tó ń gbé epo wá, òun ló ń buwọ́ lùwé pé lítà rẹ̀ pé, òun náà ló ń sanwó. Mi ò sọ pé ó mú kọ́bọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí epo bá dín, kò sí ẹnì kejì tó lè mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ̀sùn kan òun fúnra rẹ̀, kò ní ìwé kankan tó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun mìíràn la rí lórí ìbọ̀wọ́. Ìwé ìsanwó kéékèèké ló kún ibẹ̀, páálí kan lónìí, méjì lọ́tùnla, láti ilé ìtajà oògùn tó wà ní òdìkejì títì, ní iye tí ẹni tó ń ra ẹyọ ẹyọ ń rà á. Páálí kan sábà máa ń ní ọgọ́rùn-ún ẹyọ, páálí mẹ́wàá ló sì máa ń wà nínú káátọ̀nù kan. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́ọ̀dù ń lò lọ́sẹ̀ ì bá ti ra káátọ̀nù kí ti ilẹ̀ tó tán. Kò sẹ́ni tó ń ka ohun tó kù. Mátírọ̀n fúnra wọn sọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ ti sọ mí di alájàpá."

Látinú àwọn ìwé yẹn ni a ti rí gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé àlàyé iṣẹ́, èyí tó sọ ìdí tí ipò náà fi wà: kí ọjà tí ilé ìwòsàn nílò wà nílẹ̀ kí ti tẹ́lẹ̀ tó tán, ní iye tó tọ́, pẹ̀lú ìwé tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò. Ẹ kíyè sí i pé wíwà nílẹ̀ ló ṣáájú iye owó. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá rò pé ẹni tó mọ ọjà ná ni àwọn ń wá. Ní ilé ìwòsàn yìí, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ná ló ń jẹ owó wọn bí kò ṣe pé wọ́n máa ń rajà ní kánjúkánjú. Torí náà, iṣẹ́ tí a kọ sókè pátápátá ni kí ó jókòó pẹ̀lú wọ́ọ̀dù, láàbù àti sítọ́kípà lóṣooṣù, kí wọ́n jọ ṣe ètò ohun tí wọn yóò rà. Lẹ́yìn èyí ló tó kan gbígba iye owó lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà, kíkọ ìwé ọ̀dà tí a fi ń pàṣẹ ọjà lọ́dọ̀ wọn, títẹ̀lé ọjà títí yóò fi dé, àti títọ́jú orúkọ àwọn tó ń tajà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí. Iṣẹ́ márùn-ún péré ni a kọ. A sì fi ìdá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà nínú àkókò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí bí àròpọ̀ rẹ̀ bá kọjá ọgọ́rùn-ún, ó ti di iṣẹ́ ẹni méjì nìyẹn.

Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù ni abẹ́ ẹni tí yóò wà. Àwọn kan ní kó wà lábẹ́ akáúńtàǹtì, torí ọ̀rọ̀ owó ni. Mo ta kò ó. Bí ẹni tó ń rà bá wà lábẹ́ ẹni tó ń sanwó, ọwọ́ kan náà ṣì ni. A fi í sábẹ́ alákòóso ilé ìwòsàn, a sì kọ ọ́ kedere pé kì í ṣe òun ni ọ̀gá sítọ́kípà, kì í sì í ṣe òun ni yóò gba ọjà tó bá rà wọlé. Sítọ́kípà ni yóò kà á, òun ni yóò sì buwọ́ lùwé. Tó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ni, sítọ́kípà àti ẹ̀ṣọ́ yóò fi ọ̀pá wọn ohun tó wà nínú táǹkì kí wọ́n tó já epo àti lẹ́yìn tí wọ́n bá já a tán. Akáúńtàǹtì yóò wá gbé ìwé ọ̀dà, ìwé ìgbàwọlé àti ìwé owó tí ẹni tó tajà mú wá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, kò ní sanwó.

A kọ ààlà owó rẹ̀ náà síbẹ̀. Ó lè dá rajà tí kò ju ₦100,000 lọ. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò gba iye owó ní kíkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí kò bára wọn tan, alákòóso yóò sì buwọ́ lù ú. Kò gbọdọ̀ gé ọjà kan sí méjì tàbí mẹ́ta kí owó rẹ̀ má bàa dé ààlà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti máa ń mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀: ìwé ọ̀dà méjì lọ́jọ́ kan náà, sọ́dọ̀ ẹnì kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ₦98,000.

Ṣùgbọ́n òfin ẹni mẹ́ta yìí kì í bá gbogbo ọjà mu, ó sì yẹ kí ìwé sọ ọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan wà ní láàbù tí kò lè lo kẹ́míkà mìíràn yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Bí ẹ bá fipá mú òṣìṣẹ́ yín láti gba iye owó ẹni mẹ́ta fún irú èyí, ìwé méjì tí kò jóòótọ́ ni yóò wá fún yín. Ohun tí a kọ ni pé láàbù yóò kọ̀wé ìdí rẹ̀, òṣìṣẹ́ yóò sì rí ẹ̀rí pé ẹni tó ń tà á ní àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà. Ní ti oògùn, apòògùn ni yóò sọ èyí tí wọn yóò rà àti irú ẹni tí wọ́n lè rà á lọ́wọ́ rẹ̀. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ra oògùn ní ọjà gbangba Ìdúmọ̀tà, bó ti wù kó pọ́n lójú tó, àti pé kò sí oògùn tí wọn yóò gbà wọlé láìyẹ nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wò.

Ìwé kejì ló kàn, èyí tó sọ irú ẹni tí à ń wá. Ìlànà tí mo dì mú níbẹ̀ kò ju pé ìlà tí ẹ kò bá lè nàka sí iṣẹ́ tó bí i, kó kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ wo ló bí "kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ"? Kò sí. Dìgírì méjì ńkọ́? Kò sí. Ó ṣe dandan kó mọ bí wọ́n ṣe ń fi iye owó onírúurú wé ara wọn, kó lè kọ̀wé tó yéni, kó lè lo Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì fún àkọsílẹ̀, kó sì ti rajà fún ilé iṣẹ́ rí. Jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ CIPSMN, ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ìrajà tí òfin 2007 gbé kalẹ̀, dára, a sì kọ ọ́ sí abala ohun tí a fẹ́ràn, kì í ṣe abala ohun tó pọn dandan. Bákan náà ni mímọ ọjà ilé ìwòsàn. A gba OND pẹ̀lú ìrírí tàbí dìgírì, a sì rán wọn létí pé bí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè bá wá, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ béèrè ìwé NYSC lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, a kọ bí a ó ṣe mọ̀ ọ́n: látinú ìwé rẹ̀, nínú ìdánwò, nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tàbí lẹ́nu ẹni tó ti gbà á síṣẹ́ rí. Fún ṣíṣe àfiwé iye owó, ìdánwò kan lórí iye tí ẹni mẹ́ta fẹ́ ta pépà A4 fún wa la fún àwọn tó wá gba iṣẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ní káátọ̀nù onírímù márùn-ún jẹ́ ₦30,000, òun yóò gbé e wá, ṣùgbọ́n owó orí ọjà ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún kò sí nínú rẹ̀. Ẹnì kejì ní rímù kan jẹ́ ₦6,200, owó orí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a wá gbé e, ọkọ̀ yóò sì gba ₦15,000 fún ogún káátọ̀nù. Ẹnì kẹta ní káátọ̀nù jẹ́ ₦27,000, ó dé ọ̀dọ̀ wa, owó orí wà nínú rẹ̀, àmọ́ rímù mẹ́rin ló wà nínú káátọ̀nù tirẹ̀.

Ẹni tó bá kánjú yóò mú ẹnì kẹta. Bí ẹ bá ṣírò gbogbo rẹ̀ sí rímù márùn-ún tó dé ọ̀dọ̀ wa, ti àkọ́kọ́ di ₦32,250, ti èkejì ₦31,750, ti ẹ̀kẹta ₦33,750. Ẹni tó bá gba èyí ti yege. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn mi máa ń fà sí ni ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé gíráàmù 80 ni gbogbo wọn àbí 70?" Ìyẹn mọ̀ pé ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà kí ènìyàn tó fi iye rẹ̀ wéra.

Ọ̀pọ̀ ń kọ "olóòótọ́" sínú ìwé yìí bí ẹni pé ìdánwò kan wà tí yóò fi í hàn. A yọ ọ́ kúrò. A kọ sínú ìwé àlàyé iṣẹ́ dípò rẹ̀ pé lọ́dọọdún ni yóò kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tí òun tàbí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní ọwọ́ nínú wọn, àti pé kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà fún wa. Alákòóso àti onílé ìwòsàn náà yóò buwọ́ lu irú ìwé kan náà, torí mọ̀lẹ́bí ọ̀gá ló máa ń tajà fún ilé iṣẹ́ jù.

Ohun tí wọ́n fẹ́ fò dá ni àtúnṣe ìwé iṣẹ́ àwọn tó kù. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. A yọ ọjà rírà kúrò nínú ìwé mátírọ̀n, akáúńtàǹtì àti ẹni láàbù, a fi kíkọ ìbéèrè ọjà sí i, a sì pè wọ́n jókòó kí ìpolówó iṣẹ́ tó jáde. Akáúńtàǹtì ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó rí i pé orúkọ òun nìkan kọ́ ni yóò máa wà lórí ìwé dísẹ́ẹ̀lì mọ́, ó buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ẹni tuntun bá ti wọlé, wọn yóò tún kó ìwé ìsanwó jáde, wọn yóò wo mélòó ni wọ́n rà ní kánjúkánjú, wọn yóò sì fi ohun tí wọ́n bá rí tún ìwé àlàyé iṣẹ́ náà kọ.