Ọkọ̀ tó ń dán jù nínú fọ́tò kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ lọ wò

Ní oṣù keje, àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe olùkọ́ n'Íbàdàn fi fọ́tò ọkọ̀ mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Tòyótà Kòrólà ni gbogbo wọn, ọdún 2005 sí 2007, iye tí wọ́n ń pè wọ́n kò sì jìnnà síra. Ohun tó kọ tẹ̀lé e ni pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí tí wọ́n tọ́jú jù nínú wọn. Èmi ti rí tèmi o, dúdú yẹn ni."

Dúdú yẹn ń dán lóòótọ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti máa ń ní kí n bá wọn wo irú fọ́tò báyìí, èrò ọkàn mi sì nìyí: fọ́tò ò lè sọ ọkọ̀ tó yẹ ká rà fún wa. Èyí tí kò yẹ ká tilẹ̀ fi owó ọkọ̀ lọ wò ló lè sọ. Ó tún lè bá wa to àwọn tó kù, ká mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ lọ bá. Ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò ṣe ju ìyẹn lọ fún òun, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni yóò ti san owó rẹ̀.

Mo ní kó sọ fún àwọn tó ń tà wọ́n pé kí wọ́n tún àwọn fọ́tò náà fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fọ́tò lásán. Wásáàpù máa ń dín fọ́tò kù kó tó gbé e lọ. Tí a bá wá fẹ́ fa ibì kan sún mọ́ra, gbogbo rẹ̀ á ti di bàìbàì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yòókù fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ni dúdú ní kí la fẹ́ fi ṣe, àfìgbà tí àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ kó tó fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo dúdú yìí dáadáa. Fọ́tò 14 ni wọ́n yà, omi ṣì ń kán lára ọkọ̀ nínú gbogbo wọn. Kò sí ọkọ̀ tí omi wà lára rẹ̀ tí kì í dán. Omi máa ń bo ojú ibi tó ti họ àti ibi tí ọ̀dà ti ṣá. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí omi ò lè bò. Ògiri bùlọ́ọ̀kù kan wà ní ọ̀ọ́kán ọkọ̀ náà, etí òkè ògiri yẹn sì hàn lára ilẹ̀kùn bí ìgbà tí a wo dígí. Lára ilẹ̀kùn iwájú, ìlà ògiri yẹn lọ tààrà. Nígbà tó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí òjìji ẹni tó dúró létí odò. Irin tó wá láti ilé iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn ti gbá nǹkan rí, panẹbítà ti lù ú padà, wọ́n fi pọ́tì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n wá kùn ún.

Iná iwájú rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Tọwọ́ ọ̀tún ti di pupa rúsúrúsú bí ike iná ṣe máa ń dà tí oòrùn bá ti pa á fún ọdún púpọ̀. Tọwọ́ òsì mọ́ gaara bí omi kànga. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ jáde láti ilé iṣẹ́, oòrùn kan náà ló sì ń pa wọ́n. Kí ló wá ṣe tí ọ̀kan fi di ọmọdé? Mo wá lọ sí fọ́tò tí wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa orí àwọn bóòtù tó de irin ẹ̀gbẹ́ iwájú mọ́ra sún mọ́ ojú. Ilé iṣẹ́ máa ń kun àwọn bóòtù yẹn pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ni. Tí sípánà bá ti kan wọ́n rí, ọ̀dà á ti fò ní igun orí wọn. Àwọn ti ọwọ́ ọ̀tún ṣì dúdú dáadáa. Mẹ́ta ní ọwọ́ òsì ti fi irin funfun hàn ní igun. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni ohun tó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀tọ̀ ni èyí tó kan iwájú.

Ẹni tó ń tà á ní máìlì 71,000 péré ló ti rìn. Nọ́ńbà yẹn wà nínú fọ́tò dáṣíbọọ̀dù lóòótọ́. Ohun tí mo wò ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í rántí láti fọ̀. Fọ́tò kan wà tí wọ́n yà láti ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà, pẹ́dà bíréèkì sì hàn nísàlẹ̀. Rọ́bà orí rẹ̀ ti jẹ tán ní igun ọ̀tún, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń kọ mànà. Wọ́n fi awọ tuntun wé sitiárìn. Máìlì 71,000 kì í jẹ rọ́bà dé irin, ẹni tó bá sì fi awọ wé sitiárìn lè máa bo ohun tí ọwọ́ ti họ. Èmi ò gba nọ́ńbà yẹn gbọ́.

Fọ́tò dáṣíbọọ̀dù yẹn kan náà ló jẹ́ kí n sọ fún àbúrò mi pé kó gbàgbé dúdú. Ọwọ́ géèjì epo ti gòkè, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti yí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí wà lórí òdo, èyí tó fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, iná ẹ́ńjìnnì, iná bátìrì àti iná ọ́ìlì ló yẹ kí ó tàn, kí wọ́n tó kú nígbà tí ọkọ̀ bá sítáàtì. Iná bátìrì tàn, ti ọ́ìlì tàn. Ti ẹ́ńjìnnì ò tàn rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí dáṣíbọọ̀dù tí iná ẹ́ńjìnnì ò sí níbẹ̀, inú wọn á dùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá ó yẹ kó wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kó ti dí i.

Funfun ò gbà wá ní àkókò. Oṣù keje la wà, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ló bo ewé igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú fọ́tò, ilẹ̀ sì gbẹ táútáú. Fọ́tò oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó kéré tán. Nínú fọ́tò kan ṣoṣo tó jẹ́ tuntun, koríko ti hù yí táyà ẹ̀yìn ká. Ọkọ̀ tó dúró tó bẹ́ẹ̀, bátìrì rẹ̀ ti kú, epo inú táǹkì rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì ní jẹ́ kí a mọ ìdí tí ẹni tó ti wá wò ó ṣáájú wa fi padà lọ.

Ó wá ku aláwọ̀ fàdákà àti aláwọ̀ wáìnì.

Fàdákà ni mo fi ṣe èkíní. Kò dán. Eruku wà lára rẹ̀, ẹni tó ń tà á sì jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, fọ́tò rẹ̀ wọ́. Ṣùgbọ́n ó ya ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbé táyà àpamọ́ sókè nínú búùtù, ó ya irin abẹ́ rẹ̀, irin náà mọ́, kò wọ́, kò dípẹtà. Ẹni tí wọ́n bá ti gbá ní ẹ̀yìn rí kì í sábà ya ibẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ orúkọ kan náà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìlà lẹ́tà ara wọn sì jọra: 1422, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2022. Ẹni tó lè ra táyà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe fààjì kó tó sọ ọ́ nù. Omi inú ike ràdíétọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́sùrẹ́sù, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tó ti di àwọ̀ ìpẹtà bí èyí tó wà nínú ti dúdú.

Wáìnì ni mo fi ṣe èkejì. Inú rẹ̀ dọ̀tí gan-an, páálí bisikíìtì wà nílẹ̀, àwọn ọmọ ti lẹ àwòrán mọ́ fèrèsé ẹ̀yìn. Àbúrò mi ní òun ò fẹ́ rí i. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé wọn ò fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Eruku gbígbẹ bò ó déédéé, kò sí ibi tí ọ́ìlì ti mú eruku di ẹrẹ̀ dúdú. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kí wọ́n tó yà á kò lè jẹ́rìí nǹkan kan fún wa. Èyí tí wọn ò fọ̀ ni ìjò á ti hàn lára rẹ̀.

Ní Sátidé, àbúrò mi mú mẹkáníìkì rẹ̀, wọ́n lọ bá bàbá tó ni fàdákà ní Bódìjà. Mẹkáníìkì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù, ìyẹn ni pé bàbá ò ti sítáàtì rẹ̀ dè wọ́n. Ó sítáàtì lẹ́ẹ̀kan, kò sí èéfín. Ohun gbogbo tí mo rí nínú fọ́tò ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n wá wà á lọ sí ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀. Fún bí ìṣẹ́jú 20, ó ń lọ bí omi. Lẹ́yìn ìyẹn, tí jíà bá fẹ́ ti èkejì bọ́ sí ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ pariwo sókè bí ẹni pé kò sí ohun tó dì í mú, lẹ́yìn náà ọkọ̀ á já gbì síwájú. Wọ́n dúró, mẹkáníìkì fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jíà, ó nu ún sára aṣọ funfun. Ó yẹ kó pupa. Ó dúdú bí kọfí, òórùn rẹ̀ sì dà bíi búrẹ́dì tó jóná.

Bàbá yẹn ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni gbogbo fọ́tò tó yà. Jíà tó fẹ́ kú a máa ṣe dáadáa nígbà tó bá tutù, kò sì sí fọ́tò tó lè gbé ìṣẹ́jú ogún lórí títì tàbí òórùn ọ́ìlì tó jóná. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí àwọn tó ń san owó àsansílẹ̀ lórí fọ́tò lásán, pàápàá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tó wà lókè òkun, tó ń bá òbí wọn ra ọkọ̀ nílé láìrán ẹnì kankan lọ wà á.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n lọ wo wáìnì. Wọ́n wà á gba ọ̀nà kan náà, ààbọ̀ wákàtí, jíà ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ka nọ́ńbà ṣáásì lábẹ́ dígí iwájú àti lẹ́nu ilẹ̀kùn, méjèèjì bára mu, ìkẹwàá nínú mẹ́tàdínlógún rẹ̀ jẹ́ 6, ìyẹn 2006 tí ẹni tó ń tà á wí. Éésì rẹ̀ ò tutù, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kan sì ti ń jò, ohun méjì tí fọ́tò ò sọ. Wọ́n yọ owó méjèèjì kúrò, àbúrò mi rà á.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, ó tún fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Dúdú yẹn ni, wọ́n tún ti gbé e jáde fún títà, iye kan náà. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Iná iwájú méjèèjì ti mọ́ gaara báyìí, rọ́bà tuntun sì ti wà lórí pẹ́dà bíréèkì.