Kì í ṣe gbogbo òòyì ìdìde ni àìtó ẹ̀jẹ̀

Ẹni tó bá ní òòyì ń kọ́ òun, àyà òun sì ń lù kìkì bí òun bá ti dìde, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún un ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, kó lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Lóòótọ́, àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fà á. Àmọ́ ó ń ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé náà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ò sì ní ṣe é ní nǹkan kan.

Bí a bá dìde, ẹ̀jẹ̀ bí ìlàjì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń rọ́ lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ní láti fún pọ̀ kó lè padà sókè. Bí wọn ò bá fún pọ̀ tó, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tó ń yí kiri nínú ara ò tó nǹkan, ọkàn á máa sáré. Ìlù ọkàn ẹni tára rẹ̀ dá kì í sábà fi ju 10 sí 20 lọ lé sí i ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá fi 30 lé sí i lára àgbàlagbà (40 fún ọmọ ọdún 12 sí 19) láàárín ìṣẹ́jú 10, tí kò sọ̀ kalẹ̀, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ò sì já wálẹ̀, tó sì ti ń dààmú ẹni náà tó oṣù mẹ́ta, ìgbà yẹn ni dókítà máa ń ronú kan àìsàn tí wọ́n ń pè ní Pọ́ọ̀tìsì.

Ẹ lè wọ̀n ọ́n nílé. Àárọ̀ ló dáa jù, kẹ́ ẹ tó mu kọfí. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ wọn ìfúnpá àti ìlù ọkàn. Ẹ̀rọ ìfúnpá tí wọ́n ń so mọ́ apá máa ń gbé méjèèjì jáde. Ẹ wá dìde, ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ má rìn, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 1, 3, 5 àti 10, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹnìkan wà nítòsí, kí àga sì wà lẹ́yìn yín. Bójú bá ń ṣú, ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀.

Ká ní ìlù ọkàn obìnrin kan wà ní 68 nígbà tó dùbúlẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ 112/70. Nígbà tó dìde, ó di 101, 104, 108, 112, ìfúnpá sì wà ní 110/76. 98, ìyẹn 68 àti 30, ni ààlà tirẹ̀, kò sì padà sábẹ́ rẹ̀ rárá. Ẹni tó fò dé 102 ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan àkọ́kọ́, tó wá di 84 ní ìṣẹ́jú 3, kò sí nínú èyí. Gbogbo ọkàn ló ń fò bẹ́ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìfúnpá òkè bá já tó 20, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 10, láàárín ìṣẹ́jú 3, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ibà, àìmumi tó, oyún, ọ̀rọ̀ tàíróọ̀dù àti oògùn ikọ́ efée lè gbé irú nọ́ńbà yìí jáde. Nítorí náà, ẹ gbé ìwé yín lọ bá dókítà, kẹ́ ẹ sì ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra oògùn kankan. Bẹ́ ẹ bá dákú, tàbí tí àyà ń dùn yín, ẹ má wulẹ̀ wọn nǹkan kan nílé, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.