Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wo Doctor Who láti 1963 kẹ́ ẹ tó gbádùn rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí eré orí tẹlifíṣọ̀n bá ti pẹ́, tó ní sáà rẹpẹtẹ, tí wọ́n sì ti fa eré mìíràn yọ lára rẹ̀, àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti apá àkọ́kọ́ pátápátá. Wọ́n á ní ẹni tó bá já lu eré láàárín kò ní mọ orí, kò ní mọ ìdí. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ jẹ́ ká fi Doctor Who, eré BBC nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá lórí Dókítà, àjèjì kan tó ń fi àpótí búlúù rìnrìn àjò láti ìgbà kan sí òmíràn, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963 ni apá àkọ́kọ́ jáde. Sáà kìíní nìkan ní apá 42. Ká tiẹ̀ ní ẹ ṣe tán láti wo gbogbo rẹ̀: ìtàn àkọ́kọ́ ní apá mẹ́rin, èkejì ní méje, ẹ̀kẹta ní méjì. Èyí tó tẹ̀ lé e ni “Marco Polo”, alápá méje, ẹ ò sì ní rí ẹyọ kan wò níbẹ̀. BBC pa ọ̀pọ̀ téèpù ayé ìgbà yẹn rẹ́ kí wọ́n lè fi ká nǹkan mìíràn, wọ́n sì da fíìmù nù nígbà tí wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́. Ohùn ìtàn náà ṣì wà, àwòrán ni ò sí. Títí di báyìí, ó lé ní 90 apá láti àwọn ọdún 1960 tó ṣì sọnù. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ wò ó tẹ̀ léra láìfo ìkankan ti gbé iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe lé yín lọ́wọ́, ẹ ò sì tíì dé ìdajì sáà kìíní.

Wọ́n tún rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ni àlàyé wà. Níbí, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ Dókítà mọ́ ni kò tíì sí lọ́dún 1963. Ọdún 1966 ló kọ́kọ́ pààrọ̀ ara, tó fi di ẹni tí ojú rẹ̀ yàtọ̀, nígbà tí ara William Hartnell tó ń ṣe Dókítà ò le mọ́, tí Patrick Troughton sì gbapò rẹ̀. Ọdún 1969 la tó gbọ́ pé Time Lord ni wọ́n ń pe ìran rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005 ti gbọ́ orúkọ yẹn ní apá kejì.

“Rose” ti ọdún 2005 yẹn ni mo máa ń ní kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Eré náà ti dáwọ́ dúró láti 1989, àfi fíìmù kan ṣoṣo tó jáde ní 1996, kí òǹkọ̀wé Russell T Davies tó gbé e padà, BBC sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáà rẹ̀ láti ìkíní. Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Rose Tyler, ọmọbìnrin kan tó ń bá wọn tajà, sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ère tí wọ́n ń wọ láṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, ìyẹn Dókítà, gbá a lọ́wọ́ mú, ó ní kó máa sá. Gbogbo ìbéèrè tó wà lọ́kàn yín ni Rose fúnra rẹ̀ ń bi í. Àmì tí mo máa ń wá nìyẹn: olórí òṣèré tuntun, àti ẹnì kan nínú ìtàn tí kò mọ nǹkan kan. “The Eleventh Hour” ti ọdún 2010 náà ní in: Matt Smith jẹ́ Dókítà tuntun, Amy Pond tó máa bá a rìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Steven Moffat sì ti gba àkóso eré náà lọ́wọ́ Davies.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló ṣeé bẹ̀rẹ̀ o. Bẹ́ ẹ bá ti “Doomsday” wọlé, ní òpin sáà ti 2006, ẹ máa rí Rose tó ń sunkún lára ògiri, kò sì ní dùn yín, nítorí ẹ ò tíì bá a rìn. Eré tó jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo láti òkè délẹ̀ sì wà. Èyí ni ká ti apá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́.

Ní ti àwọn eré tí wọ́n fà yọ, wọn kì í ṣe dandan, àmọ́ ẹ mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa wò wọ́n. Torchwood, tí kì í ṣe eré ọmọdé, dá lórí Captain Jack, ọ̀kan lára àwọn tó ti bá Dókítà rìn. Ní òpin sáà ti 2005 ló di ẹni tí kì í kú. Bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wo Torchwood, ẹ máa rí i tó ń jí dìde láìmọ ibi tó ti rí agbára náà. Sáà kìíní Torchwood sì parí pẹ̀lú bí Jack ṣe pòórá lójijì. “Utopia” ti ọdún 2007 ló fi hàn wá pé ṣe ló sáré lọ rọ̀ mọ́ àpótí búlúù Dókítà. Torí náà, lẹ́yìn “Doomsday” ni kẹ́ ẹ wo sáà kìíní Torchwood, kẹ́ ẹ sì parí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo “Utopia”. Ẹni tó bá fẹ́ fò ó lè fò ó, torí “Utopia” fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ṣe Jack.